Ta Ló Kọ Iye Ọdún Náà?

Ìrírí ọdún méje. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ mi ní Port Harcourt, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tìtorí ẹ̀ padà sí Ìjẹ̀bú. Ọ́fíìsì wa wà ní Rumuola, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà. Òórùn ọ̀dà yẹn kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ bóyá oúnjẹ òun ti bà jẹ́ tàbí kò tíì bà jẹ́. Iṣẹ́ wa ni pé ká bá àwọn iléeṣẹ́ wá òṣìṣẹ́. Wọ́n á kọ irú ẹni tí wọ́n ń fẹ́ ránṣẹ́ sí wa, àwa á polongo rẹ̀, àwọn tó ń wáṣẹ́ á gun àtẹ̀gùn wa wá, a ó sì ṣa àwọn tó yẹ nínú wọn.

Kò sí ìwé kan tó wá láti iléeṣẹ́ tí kì í ní iye ọdún nínú. Akọ̀wé, ọdún márùn-ún. Awakọ̀, ọdún méje. A tiẹ̀ rí ọ̀kan tó ní ẹni tóun ń fẹ́ kò gbọdọ̀ ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá. Mo bi ara mi pé ṣé iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi ló ti gba lẹ́tà iṣẹ́ ni.

Inú ilé tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi, torí náà, mo ń lé àwọn èèyàn padà. Ẹni tó bá ní ọdún mẹ́rin níbi tí wọ́n ti ń wá márùn-ún, mo ti ní kó máa lọ nìyẹn, màá sì fi ẹ̀rín músẹ́ sí i. Ọ̀gá mi, obìnrin Ikwerre kan tí gbogbo wa ń pè ní Madam, kàn ń wò mí ni. Lọ́jọ́ tí mo lé ọmọbìnrin kan tó ti fi ọdún méjì tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí padà, tí iléeṣẹ́ sì ní ọdún márùn-ún làwọn ń wá, ara Madam ò gbà á mọ́. Ó jáde sórí àtẹ̀gùn, ó pe ọmọ náà padà, ó sì gbé fóònù, ó pe mánéjà tó ń wá òṣìṣẹ́.

"Oga, I get one girl here. Na two years she get o, but she sabi the work well well."

Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti gbọ́ ohùn ọkùnrin náà. "Madam, abeg send am come. My store don scatter."

Madam gbé fóònù sílẹ̀, ó kọjú sí mi. "My daughter, before you pursue person, first ask who write the number."

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ tó kọ́ mi, ó sì tó mi jẹun títí dòní. Mánéjà tó kọ ọdún márùn-ún, ibo ló ti rí i? Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ ló lo ọdún márùn-ún, ó sì kàn ń wá irú rẹ̀ ni. Nígbà míì, ìkéde ti ọdún tó kọjá ni akọ̀wé rẹ̀ tún tẹ̀. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ó kàn fẹ́ kí ẹrù ìwé tó máa wọlé dín kù ni, ó mọ̀ pé bí òun bá kọ ọdún kan, gbogbo Diobu ló máa wá. Ohun tí mánéjà ń wá gan-an ni ẹni tí wọn ò ní máa kọ́ láti alífù. Ọdún márùn-ún wulẹ̀ jẹ́ ọ̀nà tó gbà sọ ọ́ ni. Bí o bá fi hàn án pé ọdún mẹ́ta tìrẹ ti kọ́ ẹ ní ohun tó ń wá, fúnra rẹ̀ ló máa gbàgbé márùn-ún tó kọ. Ó kọ ọ́, ó sì lè pa á rẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù ìbéèrè Madam. Ẹ̀gbẹ́ Mile One ni mò ń gbé nígbà yẹn, nínú àgbàlá tí àwa Yorùbá pọ̀ sí díẹ̀. Bí mo bá ti ń fọṣọ lọ́jọ́ Sátidé, àwọn aládùúgbò á máa kó ìwé ìkéde wá bá mi. Màá ní, "Ọdún mẹ́ta ni wọ́n kọ, o ní méjì, kọ̀wé sí wọn jàre." Obìnrin ló máa ń pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń bá jà. Ọkùnrin tó ní ìdajì ohun tí wọ́n ń wá á ti múra, á ti so táì. Obìnrin tó ní gbogbo ẹ̀ àyàfi ẹyọ kan á jókòó, á ní òun ò tíì tó. Ó máa ń bí mi nínú débi pé mo ti fi omi ọṣẹ wọ́n ọ̀kan nínú wọn rí.

Ṣùgbọ́n Madam ti sọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà fún mi, ẹ̀rín ò sì sí lójú ẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Àwọn iye ọdún kan wà tí kì í ṣe ẹni tó jókòó síwájú rẹ ló kọ ọ́. Òfin ló kọ òmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti wa ọkọ̀ ojú omi ńlá, wọ́n á ka àkókò tó ti lò lójú omi, bí kò bá pé, kò pé. Òmíràn wà tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ elépo ló kọ ọ́ sínú ìwé ìpè fún kọ́ńtíráàtì. Kọ́ńtíráátọ̀ tó bá mú ẹni tí ọdún rẹ̀ dín wá, wọn ò ní bá a jiyàn, wọn ò tiẹ̀ ní ṣí àpòòwé tí iye owó rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Mánéjà lè fẹ́ràn rẹ, ó lè bá ẹ sunkún, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Ẹni tó kọ ọ́ ò ní rí ojú rẹ láé.

Mo bi Madam pé ṣé ìyà kọ́ nìyẹn. Ó ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún mi nípa páìpù kan tó bẹ́ ní ibì kan nínú ẹrẹ̀ lọ́hùn-ún kí n tó dé ìlú náà. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ló yẹ ojú irin tí wọ́n jó pọ̀ wò, tó ní ó dáa, kò sì dáa. Madam mọ ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn tó kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni iye ọdún wọnú ìwé àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè yọ ọ́ mọ́. Ó ní, "That one, na blood dem take write am."

Irú iṣẹ́ yẹn gan-an ni ọkọ aládùúgbò mi ń ṣe.

Ará Ọ̀fà ni. Yàrá wọn kọjú sí tèmi, ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ọkùnrin náà ti ń jórin tipẹ́ kó tó di ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ àwọn ajórin wò. Òun ló máa fi iná tọ́ọ̀ṣì tan ojú irin, á fọwọ́ pa á, á wọ̀n ọ́n, á sì sọ bóyá kí páìpù náà lọ tàbí kí wọ́n gé e tún jó. Ó jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ Àǹtí Ọ́fíìsì ló ń pè mí, ó ní ẹni tó ń fúnni níṣẹ́ kì í ṣe ọmọdé. Aláwàdà èèyàn ni. Bó bá ti bá mi nídìí aṣọ tí mò ń fọ̀, á ní kí n jẹ́ kóun yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó kọjá.

Ọmọ wọn ní fòníkú-fọ̀la-dìde. Ẹni tó bá ti gbé nítòsí ọmọ tó ní àìsàn yẹn mọ bí igbe rẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà tí egungun bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bàbá rẹ̀ á gbé e sẹ́yìn, wọ́n á wọ kẹ̀kẹ́, ó di ọsibítù. Wọn ò ní san kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, torí pé káàdì ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló fún un ní káàdì náà. Owó oṣù ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ì bá sì ti wá iṣẹ́ lọ sí ibòmíràn, àmọ́ ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Àǹtí, káàdì yẹn là ń ṣiṣẹ́ fún o. Owó kàn ń tẹ̀ lé e ni."

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ náà nìyí. Ibì kan náà ló ti ń ṣe é láti ọjọ́ yìí wá, ọgbà iléeṣẹ́ elépo kan náà, géètì kan náà. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ elépo kọ́ ló gbà á síṣẹ́, kọ́ńtíráátọ̀ ni. Bí àkókò kọ́ńtíráátọ̀ kan bá ti parí, òmíràn á wọlé, á sì gba àwọn òṣìṣẹ́ tó bá níbẹ̀ lọ́wọ́ èyí tó ń jáde. Wọ́n á ya fọ́tò tuntun, wọ́n á buwọ́ lu ìwé tuntun, okùn tí káàdì ìdánimọ̀ máa ń wà lára ẹ̀ á kúrò ní búlúù, á di pupa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti padà sídìí irin tó fi sílẹ̀ lánàá. Kò sẹ́ni tó ń bi ara rẹ̀ ní nǹkan kan. Gbogbo òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráátọ̀ ní Port Harcourt ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń fi àwọ̀ okùn ṣẹ̀fẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí pé kéèyàn gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ kó tó lọ. Lẹ́tà kí ni, nígbà tí ibi iṣẹ́ ò yí padà?

Lọ́dún tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ni iléeṣẹ́ náà tún pe àwọn kọ́ńtíráátọ̀ pé kí wọ́n wá du iṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń du ú gbé iṣẹ́ wá fún wa pé ká bá òun to ìwé àwọn òṣìṣẹ́ tóun máa fi lélẹ̀. Mo ka ohun tí wọ́n ń béèrè. Ẹni tó ń yẹ ìjórin wò gbọ́dọ̀ ti ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, láti ìgbà tó ti gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà, kí ẹni tó gbà á síṣẹ́ lọ́dọọdún sì fi lẹ́tà jẹ́rìí sí i. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní ọkùnrin ará Ọ̀fà yìí ti wọlé, ó ti lò ju mẹ́wàá lọ níbẹ̀. Mo délé, mo sọ fún un pé kó kó ìwé rẹ̀ wá.

Ọdún méje ló jáde.

Mo tún un kà. Kọ́ńtíráátọ̀ méjì tó gbẹ̀yìn ló ní lẹ́tà wọn. Èyí tó gbà á ṣáájú wọn ṣì wà, àmọ́ nínú ìwé tiwọn, ajórin ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yíyẹ̀ ẹ́ wò ló ń ṣe. Wọ́n ní ohun tó wà nínú ìwé làwọn lè jẹ́rìí sí. Èyí tó kọ́kọ́ gbà á pátápátá, tó rán an lọ gba ìwé ẹ̀rí gan-an, ẹni tó ni ín ti kú, iléeṣẹ́ náà sì bá a lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, àmọ́ èje nìkan ni ìwé rí.

Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí Ọ́fíìsì, ẹ̀yin náà! Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé iye ọdún ò gbọ́dọ̀ dá èèyàn dúró? Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n pe ọ̀gá àwọn òyìnbó níbẹ̀. Ó mọ̀ mí. Ó máa ń ní kí wọ́n pè mí kó tó buwọ́ lùwé."

"Ọ̀gá yẹn kọ́ ló kọ ọ́, bọ̀dá."

"Ta ló wá kọ ọ́?"

"Àwọn kan tí wọn ò sí ní Port Harcourt. Bí kọ́ńtíráátọ̀ bá fi orúkọ yín sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún méje, gbogbo ìwé rẹ̀ ni wọ́n máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò ní gbà láti fi iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn ta tẹ́tẹ́ torí ẹnì kan."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti dáwọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ó ń wo ọmọ tó sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n ń ronú nípa káàdì.

A ò káwọ́ gbera. Madam ní ọ̀nà kan wà tó bófin mu, pé ẹni tó bá ń du kọ́ńtíráàtì lè kọ ìbéèrè sí iléeṣẹ́ tó ni ín kí ọjọ́ tó pé. A kọ ọ́ dáadáa. A bi wọ́n pé bí ẹnì kan bá ti wà nínú ọgbà yín yìí kan náà lábẹ́ kọ́ńtíráátọ̀ tó yàtọ̀ síra, ṣé ọ̀gá tiyín tó ń bójú tó o kò lè jẹ́rìí fún un ni? Ìdáhùn dé, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ń du iṣẹ́ náà lápapọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlànà: ẹni tó gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́ nìkan ló lè jẹ́rìí. Ìlà kan péré. Inú bí mi tó fi jẹ́ pé mo sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó láàárín àwọn agolo ọ̀dà. Ọkùnrin tó ń wọlé sọ́dọ̀ wọn lójoojúmọ́, àwọn fúnra wọn ò fẹ́ sọ pé àwọn mọ̀ ọ́n.

Ó ku opó kọ́ńtíráátọ̀ àkọ́kọ́. A gbọ́ pé ó ń ta edé àti ẹja gbígbẹ ní ọjà Creek Road, mo sì bá ọkùnrin náà lọ. Kò tíì kí i tán tí obìnrin náà fi kígbe.

"Ah! Na you be that Offa man! My husband like you die!"

Ó fún wa ní àga. Ó ní òun máa buwọ́ lu ohunkóhun tá a bá gbé wá, lójú ẹsẹ̀, ìgbà tí ọkọ òun wà láyé òun ló ń gbọ́únjẹ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí iṣẹ́. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó fẹ́ jẹ́rìí sí. Ojú ọkùnrin ará Ọ̀fà là. Èmi ni mo ní láti sọ ọ́, kò sẹ́lòmíì níbẹ̀. Mo ní orúkọ ìyá ò sí lára àwọn tó ni iléeṣẹ́ náà lábẹ́ òfin. Mo ní wọ́n á pe nọ́ńbà tó bá wà lórí lẹ́tà, wọ́n á wá orúkọ iléeṣẹ́ lọ síbi tí ìjọba ti ń forúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n á rí i pé ó ti kú. Irú ọdún tó le báyìí, wọn kì í gbà á gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́tà òótọ́ tí ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ bá buwọ́ lù, ayédèrú ni wọ́n máa pè é, wọn ò sì ní jẹ́ kó wọ ọgbà kankan mọ́ ní gbogbo agbègbè yìí.

Obìnrin náà wò mí, ó wo ọkùnrin ará Ọ̀fà. "So if person die, the work wey e give people follow am die?"

Ó di edé sínú ọ̀rá fún wa, ó ní kí ọkùnrin náà gbé e fún ìyàwó rẹ̀. A wọ bọ́ọ̀sì padà sí Mile One, kò sì bá mi ṣàwàdà títí a fi délé.

Ẹni tó gba ipò rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá gbáko níbi kan ṣoṣo, lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Èèyàn dáadáa ni, ó mọṣẹ́. Mi ò lè sọ pé wọ́n gbé iṣẹ́ fún ọ̀lẹ, ì bá sì rọrùn fún mi bó bá rí bẹ́ẹ̀. Òfin náà ò burú. Ó kàn jẹ́ pé àárín òfin tí kò burú àti ọkùnrin tí kò ṣẹ̀ ni káàdì ọmọ náà jábọ́ sí.

Mo ní kò séwu, ìwàásù mi ṣì kù. Màá wá ibi tí ọdún ti máa ń tẹ̀ fún un. Àṣé mi ò tíì mọ gbogbo nǹkan tán. Lọ́dún yẹn, àwọn iléeṣẹ́ ń kó kúrò ní Port Harcourt, iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní gbogbo ọ̀nà. Mánéjà tó máa ń sọ pé "abeg send am come," ó ti ní ogún ìwé níwájú rẹ̀, gbogbo wọn ló ní ọdún tó béèrè, kí ló fẹ́ fi ẹni tí tiẹ̀ dín ṣe? Nǹkan tó ń tẹ̀ nígbà tí òṣìṣẹ́ ṣọ̀wọ́n ti gan paali. Níbi tí wọ́n sì ti ń wá ẹni tó kéré, tí wọ́n ń wá ọdún méjì fún iṣẹ́ kékeré, mo fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n ní tirẹ̀ ti pọ̀ jù, pé kò ní pẹ́ tó fi máa lọ. Níbi kan kò tó, níbi kan ó ti pọ̀ jù. Nígbà tí mo sọ èyí fún un, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi gé díẹ̀ kúrò lára ẹ̀ fún wọn." Ìgbà tí mo gbọ́ ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ kẹ́yìn fún ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Ọmọ náà ṣàìsàn lẹ́ẹ̀mejì láàárín àkókò yẹn. Ní ọsibítù, wọ́n wo káàdì, wọ́n dá a padà, wọ́n ní kí wọ́n lọ sanwó kí wọ́n tó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Àwa ará àgbàlá dá a jọ. Ìyàwó rẹ̀ ta ẹ̀rọ ìránṣọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àìsàn ọmọ gan-an kì í gbà kéèyàn ronú kan nǹkan míì.

Ìgbà tí eérú dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ láti ojú ọ̀run nìyẹn. Ẹni tó bá gbé Port Harcourt nígbà yẹn kò ní gbàgbé. Ẹ sá aṣọ funfun, ẹ ká a ní dúdú. Ẹ fọwọ́ pa tábìlì, ọwọ́ yín á dúdú. Gbogbo wa mọ̀ pé inú ẹrẹ̀ ló ti ń wá, níbi tí wọ́n ti ń se epo jíjí nínú ìkòkò irin ràgàjì. A ń bú wọn, a ń wúkọ́, a tún ń fọ aṣọ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin ará Ọ̀fà bá mi nídìí aṣọ. Àpò iṣẹ́ rẹ̀ wà ní èjìká. Ẹ̀rín ti padà sójú rẹ̀ díẹ̀.

"Àǹtí Ọ́fíìsì, mo ti ríṣẹ́ o."

Mo ké, mo gbọn ọṣẹ dànù lọ́wọ́. Mo bi í pé ibo ni, ó ní ibì kan lójú omi lọ́hùn-ún, páìpù ni àwọn fẹ́ jó. Mo béèrè ohun tí mo máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo èèyàn.

"Ọdún mélòó ni wọ́n ní àwọn ń fẹ́?"

"Wọn ò béèrè ọdún kankan. Wọ́n ní ṣé mo ní ìbọ̀wọ́."

Ó mọ̀ pé mo mọ̀. Mo rí i nínú ojú rẹ̀. Mo di àpò náà mú lókùn. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Ẹ mọ irú irin tí wọ́n ń lò níbẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ mi àtijọ́ ni mo wà, mi ò ní jẹ́ kí ọ̀kankan kọjá nínú wọn." Ó rọra tú ọwọ́ mi kúrò lára okùn náà. "Ẹ bá mi máa wo ọmọ."

Ó lọ, ó bọ̀, ó mú owó wá fún ọsibítù. Ó tún lọ. Kò bọ̀ mọ́. Àwọn tó wá sọ ọ́ ní ìkòkò kan bẹ́ níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀, iná sì gba ojú omi. Wọn ò rí ẹni tí wọ́n lè fà yọ pé òun nìyí. Àwọn Mùsùlùmí àdúgbò kírun fún un láìsí òkú níwájú wọn. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí ẹní ọmọ rẹ̀, kò sunkún, ó ń bi mí léraléra pé, "Àǹtí, ibi tí wọ́n ní ọdún rẹ̀ ò pé yẹn, ṣé irin wọn máa ń bẹ́?" Mo ní rárá, kì í sáábà bẹ́. Ó ní, "Kí ló dé tí kì í bẹ́?" Mo mọ̀ ọ́n, n kò lè sọ ọ́ fún un. Iye ọdún tí wọ́n fi lé ọkọ rẹ̀ síta ni kì í jẹ́ kó bẹ́.

Mo bínú sí àwọn tó kọ ọ́, mo bínú sí àwọn tó ń yí àwọ̀ okùn, mo bínú sí òkú kọ́ńtíráátọ̀ tí kò kọ lẹ́tà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lórí ẹ̀, inú ṣì ń bí mi. Ẹnikẹ́ni tó bá gun àtẹ̀gùn wa báyìí tó jẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráátọ̀, kó tó jókòó ni mo ti ń bi í pé lẹ́tà rẹ dà, kí ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ nínú ẹ̀, ṣé ẹni tó buwọ́ lù ú ṣì wà láyé? Wọ́n rò pé orí mi ti dàrú.

Ọmọbìnrin náà ṣì wà láàyè. Ó ti dàgbà, ó tín-ínrín, ojú bàbá rẹ̀ ló gbé wá, ó sì ti jáde iléèwé. Pidgin ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, Yorùbá rẹ̀ ò dá ṣáká. Láìpẹ́ yìí ló wá bá mi ní Rumuola, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ilé ìfowópamọ́ kan ń wá àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ kọ́ níṣẹ́. Inú rẹ̀ ń dùn.

"Aunty, see! This one dem no ask for any years."

Iṣẹ́ gidi ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, mo sì ti fi irú rẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ọmọ níyànjú. Mo gba fóònù náà, mo kà á dé ìdajì, ìbọ̀wọ́ bàbá rẹ̀ ló wá sọ́kàn mi, mi ò lè kà á síwájú mọ́. Ó ń wò mí, ó ń dúró kí n ní kó kọ̀wé sí wọn.

"Jókòó ná," ni mo wí. "Sọ fún mi. Kí ni wọ́n ní kó o mú dání?"